Pẹ́ńṣàn àti owó orí lórí ìwé owó oṣù: èwo ló ń kọ́kọ́ jáde?

Ọmọ Tankẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Iléèwé aládàáni kan ní Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. ₦200,000 ni owó oṣù mi kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Láti oṣù Kìíní 2026, wọ́n ń yọ ₦12,800 fún pẹ́ńṣàn àti ₦19,250 fún owó orí. Ọ̀rẹ́ mi wà níléèwé mìíràn ní apá Asà Dáàmù. Iye kan náà ló ń gbà, iye kan náà ni wọ́n ń yọ fún pẹ́ńṣàn rẹ̀, ₦300,000 lọ́dún ni àwa méjèèjì sì ń san fún ilé. Ṣùgbọ́n ₦17,330 ni owó orí tirẹ̀. Akáúńtáǹtì wa ní orí odidi owó oṣù ni owó orí máa ń wà, pé owó tí mo ń fi pamọ́ fún ara mi ni pẹ́ńṣàn, kò kan ìjọba. Ta ló tọ̀nà nínú wọn?

---

Bàbá Awáwù

Ti ọ̀rẹ́ rẹ ló tọ̀nà.

Owó pẹ́ńṣàn tí wọ́n yọ lára òṣìṣẹ́ lábẹ́ òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò nínú odidi owó. Ohun tó bá ṣẹ́kù la óò wá gbé lọ sórí ìpele owó orí. Bó ṣe wà nínú òfin àtijọ́ nìyẹn, bó sì ṣe wà nínú òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026 náà nìyẹn. Kì í ṣe àánú tí ọ̀gá ń ṣe fún òṣìṣẹ́. Ẹ̀tọ́ ni.

Jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú owó tìrẹ. ₦200,000 lóṣù jẹ́ ₦2,400,000 lọ́dún. Pẹ́ńṣàn ₦12,800 lóṣù jẹ́ ₦153,600 lọ́dún. Yọ ọ́, ó ku ₦2,246,400. O tún ní ẹ̀tọ́ nítorí owó ilé: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí o san, kò sì gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ìdá 20 nínú ₦300,000 jẹ́ ₦60,000. Yọ ìyẹn náà, ó ku ₦2,186,400. Owó tí owó orí lè fọwọ́ kàn nìyí, kì í ṣe ₦2,400,000.

Ìpele ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. Èyí tó tẹ̀ lé e títí dé ₦3,000,000, 15% ni. Yọ ₦800,000 kúrò nínú ₦2,186,400, ó ku ₦1,386,400. 15% rẹ̀ jẹ́ ₦207,960 lọ́dún. Pín in sí méjìlá: ₦17,330. Iye tí ọ̀rẹ́ rẹ ń san gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Akáúńtáǹtì yín fò pẹ́ńṣàn dá. Ó rántí owó ilé, ó rántí ₦800,000, ṣùgbọ́n kò yọ ₦153,600. ₦1,920 lo fi ń san jù lóṣù kọ̀ọ̀kan.

---

Káyọ̀ Gáà Akanbí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹ́ kí ọmọ náà jẹ èrè rẹ̀ tán. Ohun tí wọ́n kọ́ wa níbi ìpàdé kan níbi iṣẹ́ ni pé inú owó orí ni pẹ́ńṣàn ti máa ń jáde. Ìyẹn ni pé ẹ mú ₦19,250, ẹ yọ ₦12,800, ó ku ₦6,450. Iye tó yẹ kó máa san nìyẹn. Ìjọba ti mọ̀ pé ó ti san ₦12,800 sí ibòmíràn.

---

Bàbá Awáwù

Káyọ̀, òótọ́ ni pé pẹ́ńṣàn ń dín owó orí kù, ṣùgbọ́n ibi tí o ti yọ ọ́ kọ́ ni ibi tí òfin ti yọ ọ́. Inú owó tí owó orí máa bọ́ sí ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í ṣe inú owó orí fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí èrè rẹ̀ kò fi lè ju ìdá tó wà lórí ìpele tí owó náà ìbá bọ́ sí. Orí 15% ni ₦12,800 tirẹ̀ ìbá wà, 15% rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,920.

Bóyá ọ̀nà yìí ló máa tètè yé èèyàn: wọ́n yọ ₦12,800 lápò rẹ, owó orí rẹ dín ní ₦1,920, nítorí náà ohun tó kúrò lọ́wọ́ rẹ ní tòótọ́ lóṣù náà jẹ́ ₦10,880, nígbà tí odidi ₦12,800 wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ. Èrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ bá akáúńtáǹtì pé kí owó orí òun di ₦6,450, wọ́n á dá a padà, wọn kò sì ní gbọ́ èyí tó tọ̀nà lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

---

Ìyá Ọ̀ffà

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ yín bá mi lára mu. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì ń san owó ìfẹ̀yìntì fún un lóṣooṣù nínú àkáǹtì rẹ̀. Ẹnì kan sọ fún wa l'Ọ́ffà níbí pé láti ọdún yìí ni wọ́n á ti máa yọ 15% nínú rẹ̀. Baba náà kò fẹ́ sùn láti ọjọ́ yẹn. Ṣé òótọ́ ni?

---

Bàbá Awáwù

Màmá, ẹ sọ fún bàbá kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ níbí kan ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń san jáde lábẹ́ òfin pẹ́ńṣàn kò sí lábẹ́ owó orí, òfin tuntun náà sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí 15% kankan níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ ọ́, kí wọ́n mú ìwé rẹ̀ wá, ká mọ ohun tó jẹ́.

---

Ẹnjiníà GRA

Ẹ bá èmi náà ṣírò tèmi, torí ó jọ pé mo wà létí ìpele. ₦3,200,000 ni owó mi lọ́dún. Wọ́n ń yọ ₦200,000 fún pẹ́ńṣàn lọ́dún. ₦400,000 ni mo ń san fún ilé. Mo gbọ́ pé tí owó èèyàn bá ti ju ₦3,000,000 lọ pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ ló máa bọ́ sí 18%. Ṣé n kò lè ní kí wọ́n fi kún pẹ́ńṣàn mi kí n má bàa kọjá ààlà yẹn?

---

Bàbá Awáwù

Ìbéèrè yìí dára, torí òun ló ń fi hàn bí pẹ́ńṣàn ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Láti òkè ló ti ń jẹ owó náà wá sílẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù yẹn kúrò. Kò sí ibi tí gbogbo owó ti ń fò bọ́ sí 18%. Kìkì ohun tó bá lé lórí ₦3,000,000 ni 18% ń bá. Bí ó bá lé ní ₦1,000, ₦180 ni ti ẹgbẹ̀rún yẹn, tí ìsàlẹ̀ kò yí padà.

Ó wá di tìrẹ. Ìdá 20 nínú owó ilé rẹ jẹ́ ₦80,000. Ká ní wọn kò yọ pẹ́ńṣàn, ₦3,120,000 ni ì bá wà fún owó orí: ₦120,000 lé sórí ìpele 18%. Nígbà tí wọ́n yọ ₦200,000, ó di ₦2,920,000. Wo bí ₦200,000 náà ṣe pín: ₦120,000 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ kúrò lórí ìpele 18%, ó dín owó orí rẹ kù ní ₦21,600. ₦80,000 tó kù kúrò lórí 15%, ó dín in kù ní ₦12,000. Gbogbo rẹ̀ ₦33,600. Owó orí rẹ á jẹ́ ₦318,000 lọ́dún dípò ₦351,600.

O rí i pé pẹ́ńṣàn rẹ ti mú ọ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ààlà náà láìjẹ́ pé o fi kọ́bọ̀ kún un. Èyí tí o bá fi kún un báyìí, 15% ni èrè owó orí rẹ̀. Owó tí o bá fi wọlé síbẹ̀ fúnra rẹ tún ní ìlànà tirẹ̀: tí o bá gbé e jáde kí ọdún márùn-ún tó pé, owó orí á bá èrè tó jẹ. Tí o bá nílò owó náà láìpẹ́, má fi há síbẹ̀ nítorí owó orí nìkan.

---

Tíṣà Àjàṣẹ́

Èmi ń gba ₦65,000. Wọ́n ń yọ pẹ́ńṣàn, wọn kì í yọ owó orí. Ṣé mo pàdánù nǹkan kan ni?

---

Bàbá Awáwù

Rárá. ₦780,000 lọ́dún kò dé ₦800,000, kò sí owó orí tí pẹ́ńṣàn máa dín kù. Pẹ́ńṣàn rẹ wúlò fún ọjọ́ ogbó rẹ, ṣùgbọ́n ti owó orí kò bá ọ wí.

---

Ọmọ Tankẹ

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo fi ìṣirò yín han akáúńtáǹtì. Ó ní "ẹ̀rọ ló ń ṣe é", pé òun ò lè yí ohun tí kọ̀ǹpútà bá gbé jáde. Ó tún ní bóyá ẹ̀rọ náà ti yọ pẹ́ńṣàn tán kó tó gbé ₦19,250 jáde. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ láì rí inú ẹ̀rọ náà?

---

Bàbá Awáwù

O lè mọ̀ láti ilé rẹ. Ṣe ìṣirò náà sẹ́yìn.

Mú owó orí oṣù kan, ₦19,250. Fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀: ₦231,000. Fi 0.15 pín in: ₦1,540,000. Fi ₦800,000 kún un: ₦2,340,000. Owó tí ẹ̀rọ náà gbé sórí ìpele nìyẹn. Wá fi ₦60,000 ti owó ilé padà sórí rẹ̀: ₦2,400,000. Odidi owó rẹ gẹ́lẹ́ ni, kò ku kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ náà kò fọwọ́ kan pẹ́ńṣàn rárá.

Ṣe irú rẹ̀ fún ₦17,330 ti ọ̀rẹ́ rẹ, wàá bá ₦2,246,400, ìyẹn odidi owó tí a ti yọ pẹ́ńṣàn kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀nà yìí dára fún ẹnikẹ́ni tí owó tó ṣẹ́kù rẹ̀ bá wà láàárín ₦800,000 sí ₦3,000,000. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ₦12,000,000 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ₦330,000, tó jẹ́ owó orí ìpele 15% lódindi, kó tó fi 0.18 pín ìyókù, kó sì fi ₦3,000,000 kún un ní ìparí.

Ti "ẹ̀rọ ló ń ṣe é" yẹn, Ẹ́sẹ́ẹ̀lì ni púpọ̀ nínú àwọn iléèwé wa ń lò. Bí GROSS, ìyẹn odidi owó oṣù, bá wà ní B2, tí PENSION wà ní C2, tí ẹ̀tọ́ owó ilé ti ọdún wà ní D2, bí mo ṣe máa ń bá a nìyí níbi tí wọ́n bá ti ṣe é láṣìṣe:

```
=(B2*12-D2-800000)*15%/12
```

Èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ fún ẹni tó wà lórí ìpele 15% ni:

```
=((B2-C2)*12-D2-800000)*15%/12
```

Gbogbo àríyànjiyàn náà kò ju C2 tí wọn kò kọ. PENSION hàn lórí ìwé owó oṣù, ó ń dín owó tó dé ọwọ́ rẹ kù, nítorí náà gbogbo èèyàn rò pé ó ti wọ inú ìṣirò owó orí. Ẹ má fi ojú lásán wo pé wọ́n kọ PENSION ṣáájú PAYE, ìyẹn owó orí. Ètò tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kò sọ ètò tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀.

---

Káyọ̀ Gáà Akanbí

Ó ti yé mi báyìí. Ṣùgbọ́n èyí tí ilé iṣẹ́ ń san ńkọ́? Ìdá 10 tiwọn. Ṣé kò yẹ kí ìyẹn náà jáde kúrò nínú owó tí owó orí máa bá? 8% tí wọ́n ń yọ lára òṣìṣẹ́ pẹ̀lú 10%, 18% ni àpapọ̀.

---

Bàbá Awáwù

Ìdá 10 ti ọ̀gá kò sí nínú ₦200,000 yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ ló gbé e lé, láti àpò tirẹ̀. Ohun tí kò sí nínú owó náà, báwo la ṣe fẹ́ yọ ọ́? Bí a bá yọ 18% nínú ₦200,000, a ti yọ owó tí kò wọlé nìyẹn.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kọ ìdá 10 náà sórí ìwé kí òṣìṣẹ́ lè rí i, wọ́n á fi kún òkè, wọ́n á tún yọ ọ́ nísàlẹ̀. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí wọ́n ti fi kún òkè, tí wọn kò yọ ọ́, tí òṣìṣẹ́ wá ń san owó orí lórí ohun tí kò dé ọwọ́ rẹ̀. Yẹ ìlà GROSS wò dáadáa: ṣé iye tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ nìyẹn?

---

Ẹnjiníà GRA

Mo fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀ lórí ₦12,800 yẹn. 8% nínú ₦200,000 jẹ́ ₦16,000. Kí ló dé tí wọ́n fi yọ ₦12,800?

---

Ọmọ Tankẹ

Lórí ìwé mi, owó oṣù gangan ₦80,000, owó ilé ₦50,000, owó ọkọ̀ ₦30,000. ₦40,000 tó kù jẹ́ owó oúnjẹ àti ti àṣesílẹ̀. Wọ́n ní orí mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ni pẹ́ńṣàn wà.

---

Ẹnjiníà GRA

₦160,000 nìyẹn, 8% rẹ̀ jẹ́ ₦12,800 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀, orí gbogbo owó ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Èmi gbà pé èyí ló tọ́. Bí iléèwé bá lè pín owó sí "oúnjẹ" àti "àṣesílẹ̀", wọ́n lè dín ìdá 10 tiwọn kù bó ṣe wù wọ́n.

---

Bàbá Awáwù

Òfin ní owó tí wọ́n máa gbé pẹ́ńṣàn lé kò gbọdọ̀ kéré ju àpapọ̀ owó oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀. Kò sọ pé kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Èmi gbà pé iléèwé rẹ̀ kò rú òfin. Mo sì gbà pẹ̀lú rẹ pé ọ̀nà yẹn ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ dín ìdá tirẹ̀ kù. Fún ti owó orí, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé iye tí wọ́n yọ lóòótọ́ ni kí wọ́n lò. Bó bá jẹ́ ₦12,800, ₦12,800 ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti yọ pẹ́ńṣàn lórí mẹ́ta yẹn, tí wọ́n wá fi 8% odidi owó dín owó orí kù. Ìyẹn náà kò tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló ń jèrè rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ owó orí bá wá yẹ ìwé wò, wọ́n lè béèrè fún owó tó kù.

---

Ẹnjiníà GRA

Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

---

Ọmọ Ìgbómìnà

Tèmi le ju ti gbogbo yín lọ. Òmù-Àrán ni mo wà. Ilé iṣẹ́ wa ń yọ pẹ́ńṣàn lára wa lóṣooṣù, wọ́n sì ń lò ó dín owó orí wa kù bí Bàbá Awáwù ṣe sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi lórí fóònù, owó tó wọlé kẹ́yìn ti lé lọ́dún kan. Wọn ò san án lọ. Ṣé ìjọba ò ní sọ pé èmi ló jẹ wọ́n ní owó orí?

---

Káyọ̀ Gáà Akanbí

Wọn ò lè mú ọ. Ìwọ kọ́ lo jẹ ẹ́. Wọ́n ti yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ, ó tán.

---

Bàbá Awáwù

Èmi ò ní fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ bíi ti Káyọ̀. Àwọn tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní yíyọ nìkan ti tó. Àwọn kan ní owó tí kò dé àkáǹtì kì í ṣe pẹ́ńṣàn rárá, pé ẹni tó bá ń yẹ ìwé lè kọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn àkọ́kọ́ ni mo wà, torí òṣìṣẹ́ kò ní agbára lórí owó tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni gbèsè ọ̀gá. Òfin fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tó bá san owó oṣù kó fi owó náà ránṣẹ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtanràn wà, kò sì gbọdọ̀ dín ní 2% owó tí kò san lóṣù kọ̀ọ̀kan tó fi wà níbẹ̀. Kó gbogbo ìwé owó oṣù rẹ jọ, tẹ àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ jáde, kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó owó rẹ, kí o sì kọ sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn. Má dúró dìgbà tí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé.

---

Ìyá Ọ̀ffà

Ọmọ mi, ṣe ohun tí wọ́n sọ yẹn o. Ọdún kan kì í ṣe kékeré.

---

Ọmọ Tankẹ

Mo padà dé. Mo fi ìṣirò tó lọ sẹ́yìn yẹn han akáúńtáǹtì, mo sì ní kó jọ̀ọ́ ṣí ìlà owó orí náà wò. Kò sí C2 níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ní òun máa tún un ṣe fún gbogbo òṣìṣẹ́ láti oṣù Kẹrin. Ṣùgbọ́n ó ní ti oṣù mẹ́ta tó ti kọjá ti wọ ọ̀dọ̀ KWIRS, ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ Kwárà, pé kí n lọ gbà á lọ́wọ́ wọn.

---

Bàbá Awáwù

Ó ṣeun tó ṣí i wò. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó rán ọ lọ sí KWIRS nísinsìnyí. Ọdún kan lódindi ni owó orí ń bá, oṣù mẹ́sàn-án sì ṣì kù. Òun ló lè fi oṣù tó ń bọ̀ tún ti ẹ̀yìn ṣe. Oṣù mẹ́ta ní ₦1,920 jẹ́ ₦5,760. Yọ ìyẹn nínú ₦17,330 ti oṣù Kẹrin, ó ku ₦11,570. Láti oṣù Karùn-ún, ó padà sí ₦17,330 títí dé oṣù Kejìlá. Ní òpin ọdún, àpapọ̀ á jẹ́ ₦207,960 gẹ́lẹ́, ohun tó máa kọ sínú àkọsílẹ̀ ọdọọdún tí agbanisíṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ kí oṣù Kìíní tó parí nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ kí ọdún parí láìṣe é, ìgbà yẹn ni wàá fúnra rẹ lọ béèrè fún un, ìwé tí wọ́n á sì béèrè á pọ̀ ju ìlà kan nínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì lọ.

Mú àkọsílẹ̀ àkáǹtì pẹ́ńṣàn rẹ àti rìsíìtì owó ilé dání nígbà tí o bá ń lọ bá a. Kì í ṣe pé ó máa bi ọ́ léèrè dandan, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ owó ilé kò dúró láìsí ẹ̀rí.

---

Ọmọ Tankẹ

₦11,570 ní oṣù Kẹrin. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa gbé ìwé náà wá síbí tó bá jáde.